Orí Kẹrin: Orúkọ Kan fún Ohun Kan

Ìwé tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí ni ìwé ìlò ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun, irú èyí tó máa ń wà ní ilé búrẹ́dì ńlá: ọpọ́n irin rẹ̀ ń yí, irin lílọ́ kan sì ń po ìyẹ̀fun nínú rẹ̀. `Impastatrice a spirale` ni àwọn ará Ítálì ń pè é. Ká sọ pé ìwé náà jẹ́ ojú ewé 240. Ó ní orí lórí gbígbé ẹ̀rọ kalẹ̀, lórí iná, lórí ìlò, lórí ìmọ́tótó àti lórí àtúnṣe, àkójọ àwọn ẹ̀yà tí a lè rà pààrọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ yín ni láti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn tó ń po ìyẹ̀fun àti fún mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn.

Ìwé báyìí kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan. Ẹni tó mọ̀ nípa iná ló kọ orí iná, ẹni tó mọ irin ló kọ orí àtúnṣe, wọ́n sì lè ti mú orí ìmọ́tótó látinú ìwé ẹ̀rọ mìíràn tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ó tún ku ohun kan. Ní ilé ẹ̀kọ́ Ítálì, wọ́n máa ń kọ́ ọmọ pé kó má ṣe lo ọ̀rọ̀ kan náà léraléra nínú àròkọ, àṣà yìí sì máa ń bá òǹkọ̀wé wọnú ìwé ẹ̀rọ. Báyìí ni ọpọ́n kan ṣoṣo fi ń jẹ́ `vasca` ní ojú ewé 12, tó ń jẹ́ `recipiente` ní ojú ewé 31, tó sì ń jẹ́ `bacinella` ní ojú ewé 63. Bí olùtumọ̀ bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ ní Yorùbá, mẹkáníìkì yóò máa wá ohun mẹ́ta lára ẹ̀rọ tó ní ẹyọ kan.

Ohun èlò méjì ni a fi ń dènà èyí. Àkójọ ìperí jẹ́ fáìlì kékeré tó ń sọ pé ohun báyìí, orúkọ báyìí ni a ó máa pè é. Àpò ìrántí ìtumọ̀ ní tirẹ̀ ń pa gbogbo gbólóhùn Ítálì tí ẹ ti túmọ̀ mọ́ pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀, kó lè gbé e padà wá nígbà tí gbólóhùn kan náà tàbí èyí tó jọ ọ́ bá tún yọjú. Àkójọ ìperí ló yẹ kó ṣáájú. Àpò ìrántí tí kò ní àkójọ ìperí lẹ́yìn yóò pa àṣìṣe mọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pa òótọ́ mọ́, yóò sì máa gbé e padà fún yín títí dé ojú ewé 240.

Kí ẹ tó túmọ̀ gbólóhùn kan

Ẹ wo èèpo ìwé náà. Òfin ẹ̀rọ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, 2006/42/CE, béèrè pé kí ìwé tí olùṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí jẹ́ `Istruzioni originali`, kí èyí tí a túmọ̀ sì jẹ́ `Traduzione delle istruzioni originali`. Bí ẹ bá rí ìkejì lára ìwé tí wọ́n fún yín, ìtumọ̀ ni Ítálì tó wà lọ́wọ́ yín, bóyá látinú Jámánì. Ẹ béèrè ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà, nítorí àwọn orúkọ tó rúni lójú nínú Ítálì lè ṣe kedere níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fáìlì tí wọ́n fi kọ ìwé náà gan-an, kì í ṣe PDF nìkan. Nínú PDF, ìlà kọ̀ọ̀kan lè dá dúró bí ẹni pé ìparí gbólóhùn ni, gbólóhùn tó já sí méjì kò sì wúlò nínú àpò ìrántí. Ẹ tún béèrè àwòrán tí wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní `vista esplosa`, pẹ̀lú àkójọ ẹ̀yà tó bá a lọ. Bí ohun kan ṣoṣo bá wà tí ẹ gbọ́dọ̀ rin kinkin mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín, àwòrán yìí ni.

Nọ́ńbà inú àwòrán ni ìdí ohun gbogbo

Nínú àwòrán náà, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ọpọ́n lè jẹ́ 7, irin lílọ́ tó ń po ìyẹ̀fun 9, òpó àárín tó dúró sójú kan nínú ọpọ́n 10, ìdérí onírin tó bo ẹnu ọpọ́n 12. Orúkọ lè yí padà láti orí dé orí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í yí. Nítorí náà, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sínú àkójọ yín, kí ẹ tó wá kọ gbogbo orúkọ Ítálì tí ìwé náà fún nọ́ńbà yẹn sí iwájú rẹ̀.

Láti rí àwọn orúkọ náà, ẹ sọ ìwé di ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ wá wá wọn níbẹ̀:

```
pdftotext -layout manuale.pdf manuale.txt
grep -n -i "bacinell" manuale.txt
```

Àṣẹ kejì yóò fi gbogbo ìlà tí `bacinella` tàbí `bacinelle` ti jáde hàn yín, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà náà. Ẹ ka gbogbo wọn. Bí ẹ bá rí `(rif. 7)` lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà níbì kan, ọ̀ràn ti yanjú: ọpọ́n ni. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí a fi ṣe. Ohun tí wọ́n ní ó ń yí, tí wọ́n ní kí a da omi àti ìyẹ̀fun sí, ọpọ́n ni. Àmọ́ bí ìlà kan bá sọ pé kí a fa `bacinella` yọ kí a sì da òróró inú rẹ̀ nù, ìyẹn kò lè jẹ́ ọpọ́n. Àwo kékeré kan ni, tó ń gba òróró tó ń kán láti ibi tí ẹ̀rọ ti ń yí. Ọ̀rọ̀ kan, ohun méjì, nínú ìwé kan.

Nígbà tí ìyè méjì bá ṣì wà, ẹ bi olùṣe ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe kọ lẹ́tà gígùn. Ìbéèrè tó ń rí èsì ni èyí tí ẹlẹ́rọ lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn láìdìde níbi iṣẹ́ rẹ̀:

```
Pag. 63: "bacinella" = vasca (rif. 7)? Sì / No
```

Ẹ kó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, yóò sú u láti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ ohun méjì

Èyí ló léwu jù, nítorí kì í hàn sójú. Nínú ìwé ẹ̀rọ ìpòyẹ̀fun, `grano` ni ó máa ń kọ́kọ́ mú olùtumọ̀. Gbogbo ẹni tó kọ́ èdè Ítálì ló mọ̀ ọ́n sí àlìkámà, lóòótọ́ sì ni, orí ìlò yóò sọ̀rọ̀ nípa `farina di grano tenero`, ìyẹ̀fun àlìkámà. Ṣùgbọ́n ní orí àtúnṣe, `grano` ni sukúrù kékeré tí kò lórí, tó wọlé pátápátá sínú irin tó sì ń di ohun tó yí ká òpó mú kó má yọ̀. `Stringere il grano` kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àlìkámà rárá.

`Tensione` jẹ́ òmíràn. Ní orí iná, agbára iná ni: 400 V, 50 Hz. Ní orí àtúnṣe, `tensione della cinghia` ni bí bẹ́líìtì ṣe le tó lẹ́nu fífà. `Coppia` náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: `coppia di serraggio` ni agbára tí a fi ń yí bóòtù kó le, tí a ń fi Nm kà, ṣùgbọ́n `coppia di ingranaggi` jẹ́ jíà méjì tó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́.

Ohun tí a ń ṣe sí wọn ni pé a kì í fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lóun nìkan. A ń kọ ọ́ pẹ̀lú èyí tó ń bá rìn, a sì ń kọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí fáìlì náà yóò ṣe rí nìyí. Táàbù ló wà láàárín àyè kan sí èkejì:

```
vasca	ọpọ́n	rif. 7; má lo: bóòlù, abọ́
bacinella olio	àwo òróró	rif. 31
grano	sukúrù aláìlórí	orí àtúnṣe
grano tenero	àlìkámà	orí ìlò
tensione	agbára iná	orí iná nìkan
tensione della cinghia	líle bẹ́líìtì	orí àtúnṣe
```

Àyè kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àkójọ ìperí ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Nọ́ńbà àwòrán wà níbẹ̀, orí tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a ti kọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ̀ ṣe pàtàkì fún ìdí kan: ní oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá dé ojú ewé 180, ẹ kò ní rántí mọ́ pé ẹ ti ro “bóòlù” wò tí ẹ sì jù ú nù.

Ẹ má jẹ́ kí àkójọ náà wú. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ tí kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà sínú rẹ̀. Ní tèmi, fún ìwé ojú ewé 240, láàárín 150 sí 300 ìperí ti tó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó, ẹ kò sì ní í rí èyí tó yẹ kí ẹ rí.

Ọ̀rọ̀ ewu ṣáájú ọ̀rọ̀ irin

Kí ẹ tó dé orí ẹ̀yà ẹ̀rọ, ẹ ti gbọ́dọ̀ yanjú ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀. Ìlànà àgbáyé lórí àmì ewu, ISO 3864-2, ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ju ara wọn lọ, Ítálì sì ní tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. `PERICOLO` ni pé bí a kò bá yẹra, ikú tàbí ìpalára ńlá yóò ṣẹlẹ̀. `AVVERTENZA` ni pé ó lè ṣẹlẹ̀. `ATTENZIONE` ni pé ìpalára kékeré tàbí ti ìwọ̀nba lè ṣẹlẹ̀. A lè pè wọ́n ní EWU, ÌKÌLỌ̀ àti ṢỌ́RA, kí a sì di ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú títí dé òpin. `NOTA` ní tirẹ̀ yóò jẹ́ ÀKÍYÈSÍ, a kò sì ní lò ó fún ohun tó lè pa ènìyàn lára.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìwé ẹ̀rọ ní Ítálì máa ń kọ `ATTENZIONE` sórí ohun gbogbo, láti orí ilẹ̀ tó lè yọ̀ dé orí iná tó lè pani. Bí ẹ bá rí `ATTENZIONE` lórí gbólóhùn tó ní kí a má fọwọ́ kan irin inú àpótí iná, ẹ má ṣe gbé e ga fúnra yín sí EWU, kí ẹ má sì pa á mọ́ra. Ẹ kọ ojú ewé rẹ̀ sínú ìbéèrè tí ẹ ń kó jọ. Olùṣe ẹ̀rọ ló ni ẹjọ́ ewu ẹ̀rọ rẹ̀, òun ló sì yẹ kó pinnu bí ewu náà ti tó.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ewu náà nílò orúkọ kan fún ohun kan. `Spegnere la macchina` ni pé kí a pa ẹ̀rọ, kí a tẹ bọ́tìnì kó dákẹ́. Iná ṣì wà nínú rẹ̀. `Togliere tensione` ni pé kí a gé iná kúrò nídìí swíìṣì àgbà. `Scollegare dalla rete` ni pé kí a yọ wáyà kúrò lára iná ilé pátápátá. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, “pa iná ẹ̀rọ yẹn” lè bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìwé yìí, kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ sábẹ́ ìbòrí bẹ́líìtì nílò ìkejì tàbí ìkẹta, kó sì fi àgádágodo ti swíìṣì náà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “pa ẹ̀rọ”, “gé iná”, “yọ wáyà kúrò nínú iná ilé”. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ “pa iná” sínú àyè kẹta gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a kọ̀ fún gbogbo wọn.

Ibo ni a ti ń rí Yorùbá rẹ̀?

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ó sì fi hàn wá bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ìperí tó dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé, kò sọ nǹkan nípa bẹ́líìtì. Fún ìwé ẹ̀rọ, ilé búrẹ́dì àti ilé mẹkáníìkì ni ìwé atúmọ̀ èdè wa. Ẹ mú àwòrán tí a tú palẹ̀ yẹn lọ síbẹ̀, kí ẹ na ìka sí nọ́ńbà kan, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń pè é. Ẹ má sọ orúkọ kankan fún wọn tẹ́lẹ̀, nítorí bí ẹ bá sọ ọ́, wọn yóò fọwọ́ sí i láti fi bọ̀wọ̀ fún yín. Ó dára kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ju ẹyọ kan lọ, kí ìbéèrè náà sì dé ìlú tó ju ẹyọ kan lọ, bí ó bá ṣeé ṣe.

Ẹ óò rí i pé fún irin kéékèèké, ọ̀rọ̀ àyálò ni gbogbo wọn ń lò: bóòtù, nóòtù, wáṣà, bẹ́líìtì, gíríìsì. Ẹ mú un bẹ́ẹ̀. Ìperí tuntun tí ẹ fúnra yín ṣẹ̀dá fún bóòtù yóò dá mẹkáníìkì dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dí. Fún àwọn ẹ̀yà tí ẹ̀rọ yìí nìkan ní, àwọn òṣìṣẹ́ sábà máa ń ṣàpèjúwe wọn dípò kí wọ́n sọ orúkọ wọn. Ibẹ̀ ni a ti lè fi ohun tí ẹ̀yà náà ń ṣe tàbí ibi tó wà sọ ọ́ lórúkọ: `spirale` di irin ìpò, `piantone` di òpó àárín. Nígbà tí ẹ bá padà lọ tí ẹ sọ “irin ìpò”, tí òṣìṣẹ́ náà sì na ọwọ́ sí i láìbéèrè ìbéèrè kankan, ìperí náà ti tó.

Ohun kan wà nínú èdè wa tí olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ rántí níbí. Ọ̀rọ̀ ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. A ń sọ pé “ẹ pò ó”, a sì ń sọ pé “ẹ po ìyẹ̀fun”. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ni méjèèjì. Bí ẹ bá wá “pò” nínú ìtumọ̀ yín láti mọ̀ bóyá ẹ ti lò ó déédéé, ẹ kò ní rí ibi tí “po” wà. Ẹ kọ ìrísí méjèèjì sínú àkójọ, kí ẹ sì wá méjèèjì nígbà àyẹ̀wò.

Gbígbé àpò ìrántí kalẹ̀

OmegaT ni mo ń lò fún àpẹẹrẹ yìí nítorí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi ohun gbogbo pamọ́ sínú fáìlì tí ètò mìíràn lè kà. Bí ẹ bá ṣí iṣẹ́ tuntun, yóò ṣe àwọn fódà fún yín. Ìwé Ítálì ń lọ sínú `source`, àkójọ ìperí sínú `glossary`, àwọn àpò ìrántí àtijọ́ sínú `tm`. Èyí tí ẹ ń kọ lọ́wọ́ ń wọlé sínú `omegat/project_save.tmx` bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Nínú TMX náà, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan rí báyìí:

```
<tu>
  <tuv xml:lang="it"><seg>Stringere il grano.</seg></tuv>
  <tuv xml:lang="yo"><seg>Yí sukúrù aláìlórí kó le.</seg></tuv>
</tu>
```

Kí ẹ tó túmọ̀, ẹ wo bí ètò náà ṣe ń gé gbólóhùn. Àmì ìdánudúró tó ní àyè lẹ́yìn ló sábà máa ń fi mọ òpin gbólóhùn. Ìwé Ítálì sì kún fún `rif.`, `fig.` àti `pag.`, èyí tó jẹ́ pé àmì inú wọn kò parí ohunkóhun. Bí ẹ bá rí i pé `Allentare la vite (rif.` dá dúró, tí `14) e togliere il carter.` sì dá dúró, ẹ lọ sí ibi ìlànà ìgégbólóhùn, kí ẹ fi àyàfi kan kún un: `rif\.` ṣáájú, `\s` lẹ́yìn. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn tí ẹ ti túmọ̀ orí mẹ́ta, àwọn ègé tí ẹ ti túmọ̀ kò ní bá gbólóhùn tuntun mu mọ́, ẹ óò sì tún wọn ṣe.

Bí ẹ bá ní àpò ìrántí látọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí láti iṣẹ́ ẹ̀rọ mìíràn, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ tiyín. Ẹ ṣe fódà kan nínú `tm`, kí ẹ pè é ní `penalty-030`. OmegaT yóò yọ 30 kúrò nínú iye ìjọra gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ wá, nítorí náà kò ní rọrùn fún un láti gba ipò iwájú lọ́wọ́ èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Fódà `tm/auto` ní tirẹ̀ ń kọ ìtumọ̀ gbólóhùn tó bá dọ́gba pátápátá sílẹ̀ láìbéèrè. Èyí tí ẹ ti kà tí ẹ sì fọwọ́ sí nìkan ló yẹ kó wọ ibẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí àpò ìrántí ti ń tan ènìyàn jẹ. Ní orí iná, táblì kan ní àkọlé `Tensione`, ẹ sì kọ “Agbára iná”. Láti ìgbà náà, gbogbo ibi tí `Tensione` bá ti dá dúró ni ètò náà yóò fi “Agbára iná” sí fúnra rẹ̀, títí kan táblì bẹ́líìtì ní orí àtúnṣe. Mẹkáníìkì yóò wá rí “Agbára iná” lórí iye tó yẹ kó fi wọn líle bẹ́líìtì. Gbólóhùn ọlọ́rọ̀ kan nínú táblì ni ó sábà máa ń ṣe èyí. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fojú ara yín ka gbogbo táblì, kódà bí ètò bá sọ pé wọ́n ti parí. Níbi tó bá ti yàtọ̀, ẹ lo `Create Alternative Translation`, kí ìtumọ̀ ibẹ̀ lè dá dúró fún ibẹ̀ nìkan.

Ìtànjẹ kejì ni gbólóhùn tó jọra gan-an tó sì tako ara rẹ̀:

```
Con la griglia chiusa la spirale deve ruotare.
Con la griglia aperta la spirale non deve ruotare.
```

Ìkíní sọ pé bí ìdérí onírin bá wà ní pípa dé, irin ìpò gbọ́dọ̀ yí. Ìkejì sọ pé bí ó bá ṣí sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ yí. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló yàtọ̀, yóò sì gbé ìtumọ̀ ìkíní wá fún ìkejì pẹ̀lú ìjọra tó ga. Iye ìjọra ń ka lẹ́tà àti ọ̀rọ̀, kò mọ ìtumọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gba irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ojú wá ohun mẹ́ta kí ẹ tó kọjá: `non`, ọ̀rọ̀ tó ní òdìkejì bíi ọ̀tún àti òsì, àti nọ́ńbà. Lórí nọ́ńbà, ẹ rántí pé `1.200 giri/min` ti Ítálì ni a ń kọ ní 1,200 níhìn-ín, `0,5 mm` sì jẹ́ 0.5. Ẹ pinnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ìpinnu náà sókè àkójọ ìperí.

Lẹ́tà tó jọra tí kì í ṣe ọ̀kan

Ìṣòro yìí kì í yọ ẹni tó ń túmọ̀ Ítálì sí Faransé lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ba gbogbo iṣẹ́ wa jẹ́. Lẹ́tà “ọ́” kan ṣoṣo lè wọ inú kọ̀ǹpútà lọ́nà tó ju ẹyọ kan lọ. Àtẹ ìtẹ̀wé kan yóò fi “ọ” (U+1ECD) pẹ̀lú àmì ohùn òkè (U+0301) ránṣẹ́. Òmíràn yóò fi “o” lásán, àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) àti àmì ohùn ránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú wa kò sí ìyàtọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, “ọpọ́n” ìkíní àti “ọpọ́n” ìkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, ẹ lè wá ọ̀kan kí ó ní kò sí, nígbà tó wà níwájú yín.

Bí ẹ óò ṣe mọ̀ ni pé ẹ rí ọ̀rọ̀ kan lójú ewé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìwákiri, kò sì jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dà á kọ láti ojú ewé náà sínú àpótí, ó jáde. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ bí ènìyàn méjì bá pín iṣẹ́, tàbí bí ẹ bá fi fóònù kọ díẹ̀ tí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà kọ ìyókù. Àṣẹ kan yóò sọ gbogbo wọn di ọ̀kan:

```
uconv -x any-nfc glossary.txt > glossary-nfc.txt
```

Ẹ ṣe é sí àkójọ ìperí, kí ẹ sì ṣe é sí TMX náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa OmegaT. Ẹ fi ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́ ná. Bí ẹ bá ju ẹnì kan lọ lẹ́nu iṣẹ́, kí gbogbo yín lo àtẹ ìtẹ̀wé kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìperí bá yí padà lágbedeméjì

Yóò yí padà. Ní ojú ewé 150, olùṣe ẹ̀rọ lè dáhùn pé `protezione` tí ẹ ti ń pè ní ìdérí onírin kì í ṣe ìdérí ẹnu ọpọ́n. Ìbòrí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tí a fi bóòtù dè ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọn a tún àkójọ ìperí ṣe, wọn a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àpò ìrántí wọn ṣì ní ìtumọ̀ àtijọ́ nínú gbogbo gbólóhùn tó ti kọjá, yóò sì máa gbé e wá.

Ìlànà tó dára ni kí ẹ dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ tẹ `Ctrl+F`, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ Ítálì náà, `protezione`, dípò kí ẹ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ fẹ́ pààrọ̀. Ìdí ni pé `griglia` náà ń jẹ́ ìdérí onírin, ìyẹn sì tọ̀nà. Bí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo “ìdérí onírin” lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ óò ba èyí tó dára jẹ́. Ẹ ṣí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú èsì, ẹ kà á, ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣọ́ `dispositivi di protezione individuale` láàárín wọn: ìyẹn ni ìbọ̀wọ́, bàtà àti ohun tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ fún ààbò ara rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí ìyípadà sínú àyè kẹta.

Àyẹ̀wò àti ohun tí ẹ óò fà lé wọn lọ́wọ́

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ sọ ìtumọ̀ di ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ wá gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ̀ nínú àyè kẹta:

```
grep -n -i -E "bóòlù|abọ́|pa iná" itumo.txt
```

Bí ohunkóhun bá jáde, ẹ padà síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú àwòrán tí a tú palẹ̀ dání, kí ẹ ka orí àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìwo Ítálì. Ní gbogbo ibi tí nọ́ńbà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, ẹ wò ó bóyá orúkọ náà bá nọ́ńbà mu. Bí ẹ bá lè rí mẹkáníìkì kan tí yóò ka orí náà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tí yóò sì máa fọwọ́ kan ohun tó ń kà, èyí sàn ju gbogbo àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà lọ. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sílẹ̀.

Ẹ fi TMX, àkójọ ìperí àti ìwé ìbéèrè pẹ̀lú èsì wọn ránṣẹ́ pa pọ̀ mọ́ ìtumọ̀ náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ara yín bí àdéhùn yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Olùṣe ẹ̀rọ yóò tún ìwé náà tẹ̀ lọ́jọ́ kan, bóyá nítorí swíìṣì tuntun tàbí ìbòrí tí wọ́n yí padà. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ẹ̀dà kejì yóò fi TMX yín sí `tm/auto`, gbólóhùn tí kò yí padà yóò sì jáde fúnra wọn. Ohun tí yóò kù fún un ni àwọn gbólóhùn tuntun, àwọn táblì tó gbọ́dọ̀ fojú kà, àti àwọn ìbéèrè tí olùṣe ẹ̀rọ kò tíì dáhùn.